Owó dọ́là tó wọlé ju iye tí a kọ sílẹ̀ lọ: ta ló ni àlékún náà?

Ẹ wá kálámù àti ìwé kékeré kan sítòsí, torí òní a máa ṣírò díẹ̀. Ẹ má bẹ̀rù, kò le. Àròpọ̀, àyọkúrò àti ìsọdipúpọ̀ nìkan ni, èyí tí ọmọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lè ṣe.

Ìyá kan ló pè wá lọ́sẹ̀ tó kọjá. Mi ò ní dárúkọ wọn, mi ò sì ní dárúkọ abúlé wọn. Àwọn ni akápò ẹgbẹ́ àwọn obìnrin mẹ́rìnlá tó ń ṣe òrí. Wọ́n ní, "Àǹtí, ẹ gbà mí o. Wọ́n ní mo jalè, bẹ́ẹ̀ owó tó wà lọ́wọ́ mi pọ̀ ju èyí tó yẹ kó wà lọ lọ." Mo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ẹ dárí jì mí. Mo ní, "Ìyá, olè wo ló ń fi owó kún owó?" Wọ́n ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ náà ti dé etí baálé ilé wọn, wọ́n sì fẹ́ gba àpótí owó lọ́wọ́ wọn.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe rí nìyí. Ẹgbẹ́ wọn ta òrí 500 kílò fún oníbàárà kan ní Amẹ́ríkà tó ń po ìpara. Dọ́là mẹ́fà ni kílò kan, nítorí náà ìwé owó ọjà tí wọ́n kọ fún un jẹ́ 3,000 dọ́là. Oníbàárà ní òun á san án lẹ́ẹ̀mejì láàárín oṣù méjì. Ọjọ́ tí wọ́n kọ ìwé owó náà, tí ẹrù sì kúrò lọ́wọ́ wọn lọ sí Kútọnù, dọ́là kan jẹ́ 600 fàráǹkì sẹ́fà. Akọ̀wé ẹgbẹ́ wá kọ ọ́ sínú ìwé pé: oníbàárà Amẹ́ríkà jẹ wá ní 1,800,000. Gbogbo ẹgbẹ́ gbọ́, gbogbo wọn pàtẹ́wọ́.

Lẹ́yìn oṣù kan, 1,000 dọ́là wọlé. Lójú ẹgbẹ́, ó yẹ kí ó jẹ́ 600,000. Ohun tí báńkì kọ sínú àpò owó wọn jẹ́ 599,000. Ẹgbẹ̀rún kan ò sí níbẹ̀. Àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í wo akápò bákan. Lẹ́yìn oṣù kejì, 2,000 dọ́là tó kù wọlé. Ó yẹ kí ó jẹ́ 1,200,000, ṣùgbọ́n 1,227,000 ni báńkì kọ. Ọ̀rọ̀ wá dà rú pátápátá. Wọ́n ní akápò ti jẹ ẹgbẹ̀rún kan lákọ̀ọ́kọ́, nígbà tí ojú ń tì í ló wá dá 27,000 padà, àti pé ẹni tó lè dá 27,000 padà, a jẹ́ pé ó kó ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ wò ó, kò sí ẹni tó jí kọ́bọ̀. Báńkì náà ò ṣe àṣìṣe. Ohun méjì ló ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, tí ìkan sì bo èkejì mọ́lẹ̀. A máa tú wọn sílẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ẹ̀yin ará Kétu tó ń ná ọjà ẹnubodè, ẹ̀yin ti mọ ọ̀rọ̀ yìí láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni kọ́ yín. Ẹ rántí oṣù kẹfà ọdún 2023, nígbà tí Nàìjíríà jẹ́ kí náírà wá ipò ara rẹ̀, tó sì já wálẹ̀ gìdìgbà. Ẹni tó ta ọjà àwìn fún ará Nàìjíríà ní náírà kó tó di ìgbà náà, tí wọ́n wá san án lẹ́yìn rẹ̀, iye náírà tí wọ́n jọ sọ náà ni wọ́n san fún un. Kò dín ní náírà kan. Ṣùgbọ́n nígbà tó gbé e dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ṣẹ́ owó, sẹ́fà tó gbà kéré sí èyí tó ti kà sílẹ̀ lọ́kàn. Oníbàárà ò rẹ́ ẹ jẹ, síbẹ̀ ó pàdánù. Àdánù pàṣípààrọ̀ nìyẹn. Tí ọ̀rọ̀ bá wá yí sí ọ̀nà kejì, tí owó àjèjì tí wọ́n jẹ ọ́ bá wọ́n sí i kí wọ́n tó san án, èrè pàṣípààrọ̀ ni. Èyí ló ṣẹlẹ̀ sí ẹgbẹ́ olórí yìí.

Kí ló ń mú dọ́là gòkè tó sì ń mú un sọ̀ sí sẹ́fà tiwa? Àwọn ènìyàn máa ń rò pé nítorí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní Kútọnù ni. Rárá o. Wọ́n ti so owó sẹ́fà wa mọ́ yúrò láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1999: yúrò kan jẹ́ 655.957 fàráǹkì sẹ́fà, lónìí, lọ́la, lọ́dún tó ń bọ̀, títí di ọjọ́ tí àwọn ìjọba bá yí i padà. Nítorí pé wọ́n so wá mọ́ yúrò, ibi tí yúrò bá lọ là ń tẹ̀lé e lọ. Nígbà tí yúrò bá rẹ̀ sílẹ̀ níwájú dọ́là, dọ́là á wọ́n fún àwa náà. Nígbà tí yúrò bá lágbára, dọ́là á rọ̀ wá lọ́rùn láti rà, a ó sì rí díẹ̀ gbà lórí èyí tí wọ́n jẹ wá.

Ẹ jẹ́ ká wo bí ìyípadà náà ṣe máa ń pọ̀ tó. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2022, dọ́là kan jẹ́ nǹkan bí 580 sẹ́fà. Nígbà tó fi máa di òpin oṣù kẹsàn-án ọdún yẹn kan náà, ó ti sún mọ́ 680. Ó wá yí padà nígbà mìíràn: ní oṣù kìíní ọdún 2025 ó ju 630 lọ, ṣùgbọ́n ní òpin oṣù kẹfà ó ti wá sí nǹkan bí 560. Ẹ fi 3,000 dọ́là ẹgbẹ́ wa yìí wò ó. Lórí 3,000 dọ́là, bí dọ́là bá yí padà ní fàráǹkì kan péré, 3,000 fàráǹkì ló wọlé tàbí ló jáde. Bó bá fi 70 fàráǹkì sọ̀ kí oníbàárà tó san, 210,000 ti lọ, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ṣẹ̀ ọ́.

Ẹ̀yin àgbàlagbà á rántí èyí tó le jù gbogbo rẹ̀ lọ. Ní oṣù kìíní ọdún 1994, wọ́n gé owó sẹ́fà sí méjì níwájú fàráǹkì ti ilẹ̀ Faransé: èyí tó jẹ́ 50 sẹ́fà di 100 ní ọjọ́ kan ṣoṣo. Mi ò tí ì mọ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì nígbà náà, ṣùgbọ́n ní ilé wa, wọ́n ṣì máa ń fi ọdún yẹn ka ọjọ́ orí àwọn ọmọ. Gbogbo ẹ̀dùn tí ẹ̀ ń gbọ́, ti ẹni tó ń ra ọjà láti òkèèrè ni. Ẹni tó ti ta ọjà sí ilẹ̀ Faransé ní oṣù kejìlá ọdún 1993, tí wọ́n jẹ ní 1,000 fàráǹkì ti Faransé, ó ti kọ 50,000 sẹ́fà sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n san án ní oṣù kejì, 100,000 ló gbà. Ọjà kan náà, oníbàárà kan náà, iye kan náà lórí ìwé. 50,000 tó lé yẹn kì í ṣe èrè ọjà rárá, èrè pàṣípààrọ̀ ni.

Ó yá, ẹ mú kálámù.

Ohun àkọ́kọ́ tí ẹ ó kọ ni ìtà náà fúnra rẹ̀, ní ọjọ́ tó ṣẹlẹ̀, ní iye tí dọ́là jẹ́ ní ọjọ́ náà gan-an. 3,000 dọ́là lọ́nà 600, ó jẹ́ 1,800,000. Nọ́ńbà yìí ti di òkúta. Ohun tó wù kó ṣẹlẹ̀ sí dọ́là lẹ́yìn èyí, iye tí ẹ ta òrí náà kò ní yí padà mọ́. Akọ̀wé ẹgbẹ́ wọn ṣe ìyẹn dáadáa. Àṣìṣe kan ṣoṣo tí mo rí nínú ìwé wọn ni pé kò kọ 3,000 dọ́là sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, sẹ́fà nìkan ló kọ. Ó yẹ kí ìlà náà ní ohun mẹ́ta: iye dọ́là, iye tí dọ́là kan jẹ́ lọ́jọ́ náà, àti iye sẹ́fà. Bí dọ́là ò bá sí nínú ìwé, kò sí ẹni tó lè mọ̀ nígbà tó bá yá bóyá oníbàárà ti san tán tàbí ó ṣì kù. Dọ́là ló jẹ yín. Kò jẹ yín ní sẹ́fà.

Ẹ lè bi mí pé, "Iye tí ta ni a ó lò? Báńkì àgbà wa, BCEAO, ń kéde tirẹ̀ lójoojúmọ́, báńkì tiwa ní tirẹ̀, àwọn tó ń ṣẹ́ owó lẹ́bàá ọ̀nà ní tiwọn." Ìbéèrè gidi ni. Mo máa ń sọ fún ẹgbẹ́ kéékèèké pé kí wọ́n lo iye tí báńkì tiwọn fi ń ra dọ́là lọ́jọ́ náà, nítorí òun náà ni yóò ra èyí tó ń bọ̀. Èyí tí ẹ bá mú, ẹ má yí i padà láàárín. Bí ẹ bá lo ti báńkì àgbà lọ́jọ́ ìtà, tí ẹ wá lo ti báńkì yín lọ́jọ́ ìsanwó, ìyàtọ̀ àárín àwọn méjèèjì yóò dàbí àdánù, bẹ́ẹ̀ dọ́là lè má tilẹ̀ mì. Ti àwọn ẹ̀bá ọ̀nà, ẹ fi sílẹ̀ o. Owó ọjà tí ẹ tà sí òkèèrè, inú báńkì ló gbọ́dọ̀ gbà wọlé, òfin owó ilẹ̀ wa ló sọ bẹ́ẹ̀.

Ohun kejì: ọjọ́ tí 1,000 dọ́là àkọ́kọ́ wọlé. Báńkì ra dọ́là kan ní 608 lọ́jọ́ yẹn. 1,000 lọ́nà 608, ó jẹ́ 608,000. Nínú ìwé yín, 1,000 dọ́là yẹn wà ní 600,000. Nítorí náà èrè pàṣípààrọ̀ jẹ́ 8,000. Ṣùgbọ́n báńkì yọ 9,000 fún iṣẹ́ tó ṣe àti owó tó ń gbà lórí ṣíṣẹ́ dọ́là. 608,000, ẹ yọ 9,000, ó ku 599,000. Ẹ rí i? Ẹgbẹ̀rún kan tí wọ́n ní akápò jẹ, kò sí ẹni tó jẹ ẹ́. Wọ́n tilẹ̀ jèrè ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ, báńkì sì gba ẹgbẹ̀rún mẹ́sàn-án.

Ohun kẹta: ọjọ́ tí 2,000 dọ́là wọlé. Dọ́là ti gòkè sí 620. 2,000 lọ́nà 620, ó jẹ́ 1,240,000. Nínú ìwé, ó wà ní 1,200,000. Èrè pàṣípààrọ̀ jẹ́ 40,000. Báńkì yọ 13,000. Ohun tó kù jẹ́ 1,227,000, gẹ́lẹ́ bí báńkì ṣe kọ ọ́.

Ẹ pa gbogbo rẹ̀ pọ̀. Èrè pàṣípààrọ̀, 8,000 àti 40,000, ó jẹ́ 48,000. Owó báńkì, 9,000 àti 13,000, ó jẹ́ 22,000. Ẹ yọ 22,000 kúrò nínú 48,000, ó ku 26,000. Iye tó wọ àpò owó jẹ́ 599,000 àti 1,227,000, àpapọ̀ 1,826,000. Iye tí wọ́n kọ sílẹ̀ lákọ̀ọ́kọ́ jẹ́ 1,800,000. Ìyàtọ̀ wọn: 26,000. Ó bọ́ síra wọn bí ọmọ odó àti odó.

Ẹ wá gbọ́ ibi tí mo fẹ́ kí ẹ fi ọkàn sí. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ni ì bá kàn kọ 26,000 pé "àlékún", kí wọ́n sì gbàgbé rẹ̀. Kò dára. Bí ẹ bá pa èrè pàṣípààrọ̀ àti owó báńkì pọ̀ mọ́ra, ẹ ò ní mọ̀ láéláé pé báńkì ń gba 22,000 lọ́wọ́ yín lórí ìtà kan. Èrè ti bò ó mọ́lẹ̀. Lọ́dún tí dọ́là bá sọ̀, ẹ̀ ń bọ̀ wá pariwo lé báńkì lórí pé ó ti ń rẹ́ yín jẹ, bẹ́ẹ̀ iye kan náà ló ti ń gbà tipẹ́. Ẹ kọ wọn sọ́tọ̀: iye dọ́là lọ́nà iye ọjọ́ náà ní odidi, èrè tàbí àdánù ní ìlà tirẹ̀, owó báńkì ní ìlà tirẹ̀.

Fún ẹ̀yin akọ̀wé ẹgbẹ́ tó ń lo ìwé ìṣirò ti OHADA tí a jọ ń lò láti Kútọnù dé Lomé, ẹ kọ ìtà òrí sí 702, gbèsè oníbàárà sí 411, èrè pàṣípààrọ̀ lórí gbèsè ọjà sí 756, àdánù rẹ̀ sí 656, owó báńkì sí 631. Lẹ́yìn tí wọ́n tún ìwé ìṣirò náà ṣe, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2018, ni 756 àti 656 di ti ọjà. Àwọn kan ṣì ń kọ ọ́ sí 776 bíi ti àtijọ́. Ẹ̀yin tí nọ́ńbà wọ̀nyí ò yé, ẹ má yọra yín lẹ́nu, ìlà mẹ́ta inú ìwé yín ti tó.

Kí ló dé tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọn pé èrè pàṣípààrọ̀ kì í ṣe owó òrí? Nítorí ohun tó ṣẹlẹ̀ tẹ̀lé e. Oníbàárà Amẹ́ríkà náà tún kọ̀wé sí wọn, ó ní òrí wọn dára, òun á tún rà 500 kílò, ṣùgbọ́n kí wọ́n bá òun dín in kù díẹ̀, kí kílò kan di 5.80 dọ́là. Àwọn kan nínú ẹgbẹ́ ní, "Ẹ jẹ́ ká gbà á, ṣebí owó tó wọlé lẹ́ẹ̀kìíní ju ohun tí a retí lọ?" Ẹ rí ewu tó wà níbẹ̀.

Mo ní kí akápò sọ iye tí wọ́n ná fún mi. Èso òrí, igi ìdáná, omi, ẹ̀rọ ìlọ̀, àpò, ọkọ̀ dé Kútọnù, àti owó iṣẹ́ àwọn obìnrin fúnra wọn, gbogbo rẹ̀ jẹ́ 1,500,000 fún 500 kílò. Èyíinì ni 3,000 fàráǹkì lórí kílò kan. Wọ́n tà á ní dọ́là mẹ́fà nígbà tí dọ́là jẹ́ 600, ó jẹ́ 3,600. Èrè orí òrí jẹ́ 600 fàráǹkì lórí kílò kan, 300,000 lápapọ̀. Èrè tí ọwọ́ wọn ṣe nìyẹn. 48,000 tó lé e, yúrò àti dọ́là ló fún wọn. Wọn ò pò ó, wọn ò gún un.

Bí wọ́n bá gba 5.80, tí dọ́là sì wà ní 600, kílò kan á di 3,480, èrè á sì di 240,000. Ó ṣì dára. Ṣùgbọ́n bí dọ́là bá wà ní 560 ní ọjọ́ tí wọ́n kọ ìwé owó tuntun náà ńkọ́? 5.80 lọ́nà 560 jẹ́ 3,248. Èrè orí kílò kan di 248, àpapọ̀ 124,000. Ẹ yọ 22,000 ti báńkì, ó ku 102,000 fún obìnrin mẹ́rìnlá. Ẹ pín in, kò tó 7,300 fún ẹnì kan. Ẹni tó gba ẹ̀dínwó nítorí èrè pàṣípààrọ̀ àná, ó ti fi òórùn àná sá ẹ̀gẹ́ òní.

Ẹ ṣàkíyèsí ohun kan níbẹ̀ o, torí ó máa ń da àwọn ènìyàn láàmú. Nínú àpẹẹrẹ tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe yìí, dọ́là ti sọ̀ sí 560 kí wọ́n tó kọ ìwé owó. Ìyẹn kì í ṣe àdánù pàṣípààrọ̀. Ìtà yẹn ló kéré. Èrè tàbí àdánù pàṣípààrọ̀, láàárín ọjọ́ tí ẹ ta ọjà àti ọjọ́ tí owó wọlé nìkan ló ń bẹ. Ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín ọjọ́ tí ẹ jọ ná ọjà lórí fóònù àti ọjọ́ tí ẹ gbé ẹrù fún un, kò sí nínú ìṣirò yìí. Nítorí náà, bí ó bá pẹ́ láàárín ọ̀rọ̀ ẹnu àti gbígbé ẹrù, ẹ tún iye dọ́là wò kí ẹ tó kọ ìwé. Ẹ lè sọ fún oníbàárà pé iye tí ẹ dá yìí wà fún ọ̀sẹ̀ méjì péré.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti Àjàṣẹ́ fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ nígbà tí a kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ yìí lórí afẹ́fẹ́. Ó ní, "Bí ọdún bá parí tí oníbàárà ò tí ì san, tí dọ́là sì ti gòkè, ṣé a lè pín èrè náà?" Ó gbọ́n láti béèrè. Ká ní ẹ ta ọjà ní oṣù kọkànlá ní 600, ní ọjọ́ 31 oṣù kejìlá dọ́là ti di 615, kò sì tí ì san. 45,000 hàn lórí ìwé. Ṣùgbọ́n ewúrẹ́ tó lóyún ni, kò tí ì bímọ. Ìlànà OHADA ní kí ẹ fi hàn nínú ìwé òpin ọdún pé gbèsè náà ti wúwo sí i, ṣùgbọ́n kí ẹ má kà á mọ́ èrè ọdún. Bó bá jẹ́ pé dọ́là sọ̀ sí 585 ni, ìlànà náà ò dọ́gba: ó ní kí ẹ ya 45,000 sọ́tọ̀ láti inú èrè ọdún yẹn, nítorí ó ṣeé ṣe kí ó lọ. Àwọn kan ní èyí ò tọ́, pé kí ló dé tí àdánù tí kò tí ì ṣẹlẹ̀ fi wọ ìwé, tí èrè tí kò tí ì ṣẹlẹ̀ ò wọ̀ ọ́. Èmi ò rí àìtọ́ kankan níbẹ̀. Ẹni tó bá ti pín owó tí kò tí ì wọlé rí mọ̀ bó ṣe máa ń rí nígbà tí ẹ bá ní kí àwọn ènìyàn dá a padà.

Ó ku ohun kan tó lè dà bí àdánù pàṣípààrọ̀ tí kì í sì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹgbẹ́ wa yìí ṣe oríire: 1,000 dọ́là tí oníbàárà fi ránṣẹ́, 1,000 gan-an ló dé. Fún ẹlòmíràn, 1,000 máa lọ, 975 á dé. Báńkì tó wà láàárín ọ̀nà ti gé e jẹ. Lórí ìwé tí wọ́n fi ń fi owó ránṣẹ́, lẹ́tà mẹ́ta kan máa ń wà: `OUR`, `SHA` tàbí `BEN`. `OUR` ni pé ẹni tó ń fi owó ránṣẹ́ ló ru owó ọ̀nà, `SHA` ni pé ẹ jọ pín in, `BEN` ni pé ẹ̀yin tó ń gbà á lẹ ru gbogbo rẹ̀. Ẹ bá oníbàárà sọ ọ́ kó tó rà, kó sì wà lórí ìwé owó. Kódà pẹ̀lú `OUR`, báńkì tiyín níbí ṣì lè gba tirẹ̀ lórí ṣíṣẹ́ dọ́là, bí ti ẹgbẹ́ yìí. Ẹ wá béèrè ìwé tó fi owó tó wọlé hàn lọ́wọ́ báńkì lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Iye dọ́là tó dé, iye tí wọ́n rà á, iye tí wọ́n yọ, gbogbo rẹ̀ ló wà níbẹ̀. Akápò wa ní ìwé méjèèjì nílé. Ó ká wọn sínú Bíbélì rẹ̀ láti ọjọ́ yìí, kò mọ̀ pé àwọn ni ẹlẹ́rìí òun.

Àwọn kan á ní, kí ló dé tí a ò kúkú kọ ìwé owó ní yúrò? Bí oníbàárà bá gbà, ó dára púpọ̀. Yúrò kan jẹ́ 655.957 lọ́jọ́ tí ẹ tà á, á jẹ́ 655.957 lọ́jọ́ tó san án. Kò sí èrè pàṣípààrọ̀, kò sí àdánù, owó báńkì nìkan ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀ ń gbé ẹrù náà lé oníbàárà Amẹ́ríkà lórí, nítorí òun ni yóò máa wò bóyá yúrò gòkè. Ó lè ní kí ẹ dín in kù torí ẹ̀. Bó bá kọ̀ jálẹ̀, ohun tó wà lọ́wọ́ yín ni àkókò. Ẹ gba ìdajì kí ẹrù tó kúrò, kí ẹ sì ní kó san ìyókù ní ọjọ́ 30 dípò 60. Bí ọjọ́ bá ṣe kúrú tó ni ìyípadà ṣe kéré tó. Báńkì tún lè bá àwọn olówó ńlá dá iye dọ́là oṣù mẹ́ta sílẹ̀ lónìí, ṣùgbọ́n 3,000 dọ́là ò tó ohun tí wọ́n máa dá yín lóhùn lé lórí.

Mo lọ bá wọn ní ìpàdé ní ọjọ́ Àìkú. Mo mú pátákó dúdú kékeré kan dání, ìwà tíṣà ò kúrò lára mi. A kọ ìlà mẹ́ta náà síbẹ̀: òrí, 1,800,000, èrè pàṣípààrọ̀, 48,000, owó báńkì, 22,000. Akápò tú ìwé báńkì méjèèjì, ó fi wọ́n lé ìyá àgbà ẹgbẹ́ lọ́wọ́, ọmọ wọn kan tó wà ní ilé ẹ̀kọ́ girama sì kà á sókè. Nígbà tó dé orí 608, obìnrin tó ti ń pariwo jù lọ ní, "Háà, 600 la kọ!" Ó gbọ́ ọ fúnra rẹ̀. Kò sí ẹni tó tún sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá jiyàn lórí ohun tí wọn ó fi 26,000 náà ṣe, ìjiyàn gidi nìyẹn. Àwọn kan ní kí wọ́n pín in. Ìyá àgbà ní kí wọ́n fi sínú àpótí lọ́tọ̀, kí ó dúró de ọdún tí dọ́là bá sọ̀, nítorí ibi tó ti wá náà ló máa padà sí. Mo kúrò níbẹ̀ kí wọ́n tó parí rẹ̀. Akápò pè mí lálẹ́, ó ní àpótí kejì ni wọ́n fẹnu kò sí, wọ́n sì ti kọ̀wé sí oníbàárà pé dọ́là mẹ́fà ni, kò dín, ìdajì kí ẹrù tó kúrò. Kò tí ì fèsì.

Ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, a máa sọ̀rọ̀ lórí bí ẹ ṣe lè mọ̀ bóyá wọ́n ti fi omi kún oyin tí ẹ rà lọ́jà. Bí ẹ bá ní ìwé báńkì tí kò yé yín, ẹ mú un wá sí ilé iṣẹ́ wa ní ọjọ́ ọjà lẹ́yìn agogo mẹ́rin, a ó jọ kà á. Ó dàbọ̀ o.